Ọ̀dà Tó Ń Bó, Iyọ̀ Tó Ń Yọ Lára Ògiri: Bí A Ṣe Ń Wá Orísun Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Dá A Dúró

Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan, màmá kan pè mí sí ilé wọn ní Ìkòròdú. Ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́ta ni, búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án ni wọ́n fi kọ́ ọ. Láàárín ọdún mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti kun pálọ̀ wọn. Ògiri tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé ni wàhálà wà. Láti ilẹ̀ dé ìbàdí èèyàn, ọ̀dà rẹ̀ ti wú bí awọ ara tí òróró gbígbóná ta sí, ibi tó sì ti bẹ́, ohun funfun kan hó lábẹ́ rẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Lókè ìbàdí, ọ̀dà náà ń dán, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀.

Màmá ní, "Bọ̀dá, ọ̀dà tó wọ́n jù lọ́jà ni mo rà lẹ́ẹ̀kẹta yìí o. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?"

Mo ní, "Rárá, mà. Bó bá jẹ́ ayédèrú ọ̀dà ni, òkè náà ì bá ti bó."

Ohun tí mo rí lára ògiri yẹn, bí mo ṣe wá orísun rẹ̀, àti bí a ṣe tún un ṣe ni mo fẹ́ kọ síbí ní ìpele ìpele. Lẹ́yìn náà ni mo máa sọ ohun tí ẹni tó ń kọ́ ilé tuntun lè ṣe kí ó má bàa bá ara rẹ̀ nípò tí màmá wà.

Kí ni ohun funfun náà?

Iyọ̀ ni. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ nìkan, oríṣi iyọ̀ pọ̀. Àwọn kan wà nínú sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀, àwọn kan bá yanrìn wá, àwọn kan wà nínú omi tí a fi pò ó, àwọn mìíràn sì wà nínú ilẹ̀, pàápàá ilẹ̀ tó sún mọ́ ọ̀sà tàbí sokawéè. Bí ògiri bá gbẹ, iyọ̀ yìí á sùn síbi tó wà, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àfi kí omi dé. Omi á yọ́ iyọ̀ náà, á gbé e rìn nínú búlọ́ọ̀kù títí dé ojú ògiri. Níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti máa gba omi lọ, tí iyọ̀ á sì ṣẹ́kù.

Ẹ ti rí i lẹ́yìn ẹ̀wù alágbàṣe tó ṣiṣẹ́ nínú oòrùn. Nígbà tí òógùn bá gbẹ, ìlà funfun á hàn lẹ́yìn ẹ̀wù náà. Ohun kan náà ni ògiri ń ṣe. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbà tí òjò bá dá, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ni iyọ̀ máa ń hàn jù. Omi ti wọ ògiri láti àsìkò òjò, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló wá ń fà á jáde.

Ọ̀dà ló wá ń pinnu ibi tí iyọ̀ máa dúró sí. Ọ̀dà olómi lásán, èyí tí kì í dán, máa ń jẹ́ kí ògiri mí. Omi á gba inú rẹ̀ jáde, iyọ̀ á sì dúró lójú ọ̀dà, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì ti lè gbá a. Ọ̀dà gílọ́ọ̀sì, tàbí èyí tí wọ́n ní a lè fi omi fọ̀, kì í jẹ́ kí omi kọjá bọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ọ̀dà ni iyọ̀ máa wá dì sí, bó sì ṣe ń dì ló ń tóbi, tó ń ti ọ̀dà kúrò lára ògiri. Èyí ló ṣẹlẹ̀ sí màmá: ọ̀dà tó wọ́n jù tí wọ́n rà ni kò jẹ́ kí ògiri mí rárá, òun ló sì yára bó jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìpele kìíní: ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀dà tó bó

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ mú èépá ọ̀dà kan tó bó, kí ẹ yí i padà. Ohun tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ máa sọ púpọ̀ fún yín.

Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun wínníwínní tó ń ta sí ìka bí iyọ̀, tó sì yọ́ nígbà tí ẹ kán omi sí i, iyọ̀ àti omi inú ògiri ni. Bí sikirídì funfun ló bá ọ̀dà kúrò, tó nípọn bí páálí, sikirídì ni kò lágbára, tàbí omi ti rà á. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dà àtijọ́ ṣì wà lára ògiri, tó jẹ́ tuntun nìkan ló ṣí kúrò lórí rẹ̀, a jẹ́ pé wọn ò fi sáńpépà họ èyí àtijọ́ kí wọ́n tó kun ún, tàbí eruku àti ọ̀rá wà lójú rẹ̀. Ìyẹn ò kan omi. Bí ẹ bá sì fi àtẹ́lẹwọ́ nu ògiri tí kò tíì bó, tí ọwọ́ yín funfun bí ọwọ́ ẹni tó di ẹfun mú, ọ̀dà tí àtè inú rẹ̀ kò tó ni wọ́n lò. Ọ̀dà tuntun kankan kò ní dúró lórí irú rẹ̀, àfi kí ẹ họ ọ́ kúrò tàbí kí ẹ fi ọ̀dà àkọ́kùn dì í mú.

Ẹ má ṣi iyọ̀ mú fún èbù. Èbù sábà máa ń dúdú tàbí kí ó ní àwọ̀ ewé, ó máa ń rùn, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣá bí ẹ bá kán omi bílíìṣì sí i. Iyọ̀ kì í rùn.

Ti màmá jẹ́ iyọ̀ pọ́nbélé.

Ìpele kejì: ẹ wá ibi tí omi ti ń wá

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fò kọjá, ibẹ̀ náà sì ni owó wọn ti ń ṣòfò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí omi bá ṣì ń wọlé, kò sí ọ̀dà, kò sí sikirídì, kò sí táìlì tó máa ṣẹ́gun iyọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ìbàjẹ́ náà wà àti bí ó ṣe rí. Tó bá jẹ́ láti ilẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, tó ga tó mítà kan tàbí kó dín, tí òkè rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ bí ìlà, omi ilẹ̀ ni. Búlọ́ọ̀kù ń fà á mu bí òwú àtùpà ṣe ń fa karosíìnì. Tó bá jẹ́ òkè nítòsí àjà ló ti ń ṣàn wálẹ̀, ẹ gun òrùlé lọ wo páànù àti gọ́tà. Tó bá jẹ́ abẹ́ fèrèsé, òjò ń gba etí fèrèsé wọlé. Tó bá sì jẹ́ àárín ògiri, tó rí bí àwòrán ìlú lórí máàpù, tí balùwẹ̀ tàbí ilé ìdáná wà lódìkejì, páìpù ló yẹ kí ẹ fura sí. Láti mọ̀ bóyá páìpù ń jò, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa lálẹ́, kí ẹ ti igi gbígbẹ bọ inú táńkì òkè, kí ẹ sàmì sí ibi tí omi dé lára rẹ̀. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan omi, ẹ tún ti igi náà bọ̀ ọ́. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀, ibìkan ń jò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọ̀rá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gé ọ̀rá funfun tó ń gbé ojú hàn, 45 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú àti lóòró. Ẹ họ ọ̀dà tó ti wú kúrò, ẹ nu ojú ibẹ̀, kí ẹ fi téèpù fífẹ̀ lẹ etí ọ̀rá náà mọ́ ògiri yíká láìku ihò kan. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí 16. Bí ìrì bá wà ní ẹ̀yìn ọ̀rá, ní apá tó kọjú sí ògiri, inú ògiri ni omi ti ń wá. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀rá tó kọjú sí yàrá ló tutù, afẹ́fẹ́ inú yàrá ló lómi: ooru ìkòkò, aṣọ tí wọ́n ń sá sínú ilé, fèrèsé tí kì í ṣí. Ẹni tó bá ṣe èyí kó tó náwó lè rí i pé fèrèsé ṣíṣí nìkan ni ìwòsàn ilé òun.

Nílé màmá, ọ̀rá méjì ni mo lẹ̀, ọ̀kan ní 30 sẹ̀ǹtímítà sí ilẹ̀, ìkejì ní mítà kan àti ààbọ̀ sókè. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yìn ti ìsàlẹ̀ ti rin ṣìnkìn, ti òkè gbẹ táútáú. Ilẹ̀ ni omi ti ń wá, kò tún sí àríyànjiyàn mọ́.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé nìkan? Mo mú hósì olómi tí àwa bíríkìlà fi ń wọn ìpele, mo gba ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kọjá, mo fi ilẹ̀ pálọ̀ wé ilẹ̀ ìta. Ìta ga ju inú lọ ní 7 sẹ̀ǹtímítà.

Ọ̀rọ̀ yé mi. Mo bi màmá bóyá wọ́n ti da yanrìn sí ẹ̀yìnkùlé rí. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni: lẹ́yìn ọdún tí omíyalé dé, wọ́n da ọkọ̀ yanrìn méjì, wọ́n sì to ìńtálọ́ọ̀kì lé e lórí kí ibẹ̀ lè mọ́. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í bó.

Bí a ṣe ń kọ́lé lọ́dọ̀ wa, jámánì-fulọ́ọ̀ máa ń tẹ́ lórí ìpìlẹ̀, orí rẹ̀ ni a ti ń to búlọ́ọ̀kù ògiri. Òun ló yà wọ́n kúrò lára ilẹ̀ tútù. Ìta yẹ kí ó rẹlẹ̀ sí i ní 15 sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán. Nígbà tí yanrìn àti ìńtálọ́ọ̀kì bá ga ju jámánì-fulọ́ọ̀ lọ, búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ ti wọ inú ilẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ni omi ń gbà wọ ògiri, kò tún nílò láti gba abẹ́. Mo ti rí èyí nínú ọ̀pọ̀ ilé, ní Ajah, ní Ìkòròdú, ní gbogbo ibi tí àwọn èèyàn ti ń gbé ilẹ̀ sókè láti sá fún àgbàrá. Ó ń dùn mí, nítorí ohun tí wọ́n ṣe láti gba ilé là ni ilé fi ń jẹra.

Ìpele kẹta: ẹ kọ́kọ́ gé omi kúrò

A hú ìńtálọ́ọ̀kì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, 50 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú, mítà 6 ní gígùn, bí ògiri ṣe gùn tó. A gbẹ́ ilẹ̀ náà wálẹ̀ títí ó fi rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ pálọ̀ lọ ní 15 sẹ̀ǹtímítà. A wá ṣe gọ́tà kọnkéré síbẹ̀, tó ń lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan fún mítà kọ̀ọ̀kan, kí omi má bàa dúró nínú rẹ̀. Ó sì já sínú gọ́tà ńlá ilé. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo ti fi hósì wọn gọ́tà ńlá náà láti rí i dájú pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ ju tiwa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìyẹn. Gọ́tà tí kò níbi tó ń lọ, odò ni ẹ gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yín.

Omi òrùlé náà ń ta sí ibẹ̀ tààrà tẹ́lẹ̀, a fi páìpù darí rẹ̀ lọ.

Ó wá ku àwọn ilé tí títì ti ga jù wọ́n lọ, tí kò sí bí omi ṣe lè ṣàn jáde. Àwọn ìyẹn ṣòro, mi ò sì ní tan yín. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri kan búlọ́ọ̀kù, mo máa ń fọ̀ ọ́, mo sì máa ń fi sìmẹ́ǹtì adènà-omi kun ún lẹ́ẹ̀mejì láti ìsàlẹ̀ títí dé 15 sẹ̀ǹtímítà sókè ilẹ̀, kí n tó da òkúta wẹ́wẹ́ padà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dípò yẹ̀pẹ̀. Ó máa ń dín omi kù gan-an, àmọ́ kì í sábà gbẹ ẹ́ tán. Àwọn kan máa ń lu ihò sínú ìlà sìmẹ́ǹtì tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n sì ti ògùn adènà-omi bọ̀ ọ́. Ó lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù wa níhò nínú, bí wọn ò bá lu ú sínú ìlà sìmẹ́ǹtì gan-an, inú ihò búlọ́ọ̀kù ni ògùn náà máa dà sí. Bí ilẹ̀ bá sì ṣì bo ibi tí wọ́n lu, owó yín ló lọ.

Ìpele kẹrin: ẹ gbá iyọ̀ ní gbígbẹ, ẹ jẹ́ kí ògiri mí

Ẹ má fi omi fọ iyọ̀. Èyí ni àṣìṣe tí mo ń bá pàdé jù. Bí ẹ bá da omi sí i, iyọ̀ á yọ́, ògiri á tún mu ún, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì á padà wá. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ lò, kí ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ kó o dànù jìnnà sílé. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta yín ní ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ táìlì, nítorí ásíìdì yẹn máa bá sìmẹ́ǹtì ṣe, á sì di iyọ̀ mìíràn nínú ògiri.

Ìlà iyọ̀ nílé màmá ga tó 80 sẹ̀ǹtímítà. Pílásítà tó ti mu iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbà là, nítorí iyọ̀ fúnra rẹ̀ ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí omi ilẹ̀ tilẹ̀ dúró, àsìkò òjò á tún mú un rin. Nítorí náà a gbẹ́ ẹ kúrò títí dé búlọ́ọ̀kù, a sì kọjá ìlà náà ní 30 sẹ̀ǹtímítà, ó jẹ́ 110 sẹ̀ǹtímítà láti ilẹ̀. A kó gbogbo àfọ́kù rẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí alágbàṣe fi dí ihò níbikíbi nínú ilé, iyọ̀ kún inú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ohun tí kò rọrùn fún onílé láti gbà: a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Màmá ní àlejò Kérésì ń bọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n fi kọ́tìnì bò ó. Láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di ìparí oṣù Kìíní, ọyẹ́ ló bá wa ṣiṣẹ́. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọmọ wọn ọkùnrin á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbá búlọ́ọ̀kù, á kó iyọ̀ tó yọ dànù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tó kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ife kan. Ní ọ̀sẹ̀ keje, kò rí nǹkan kó mọ́. Àwọn àgbà bíríkìlà máa ń ní ìnṣì kan, oṣù kan, ìyẹn ni pé bí ògiri bá ti nípọn tó ni yóò pẹ́ tó kó tó gbẹ tán. Búlọ́ọ̀kù tó níhò yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ n kò retí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ti gbẹ tiwa dénú. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò ó dáadáa kí n tó yan ohun tí a máa fi bò ó.

Ìpele karùn-ún: ẹ tún ògiri rẹ́, kí ẹ sì kun ún

Yanrìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Yanrìn tí wọ́n fà láti inú ọ̀sà lè ní iyọ̀ bí òjò kò bá tíì fọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú abọ́, ẹ da omi mímọ́ tó bò ó sí i, kí ẹ rò ó, kí ẹ jẹ́ kó tòrò. Ẹ bu omi orí rẹ̀ sínú àwo dúdú pẹlẹbẹ, kí ẹ gbé e sóòrùn. Ẹ bu omi lásán náà sí àwo mìíràn, kí ẹ fi wé e. Bí àwo yanrìn bá gbẹ, tó fi ìpẹ́ funfun sílẹ̀ ju ti omi lásán lọ, ẹ má fi yanrìn náà rẹ́lé. Bí ó bá sì jẹ́ omi lásán gan-an ló fi ìpẹ́ sílẹ̀, omi bọ́ọ̀hóòlù yín ni ìṣòro, ẹ wá omi mìíràn pò ó.

Ògiri wa jẹ́ mítà 6 ní gígùn, mítà 1.1 ní gíga. Pílásítà tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 gba àpò sìmẹ́ǹtì kan àti yanrìn páànù mẹ́jọ, páànù tí àwọn alágbàṣe fi ń ru kọnkéré. Páànù méjì kún fún àpò kan, nítorí náà sìmẹ́ǹtì kan sí yanrìn mẹ́rin ni. A fi ìyẹ̀fun adènà-omi sí i gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, a ti fi bí ààbọ̀ àpò sìmẹ́ǹtì pò mọ́ yanrìn ṣáàpù, kó ṣàn, a sì wọ́n ọn mọ́ búlọ́ọ̀kù kó lè gbá pílásítà mú. Ìpele méjì ni a fi rẹ́ ẹ, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Kí n dúró díẹ̀ lórí ìyẹ̀fun adènà-omi yìí, nítorí àwọn èèyàn ti sọ ọ́ di oògùn gbogbo-ǹ-ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ níbí ni pé kí ìwọ̀nba omi àti iyọ̀ tó ṣẹ́kù nínú búlọ́ọ̀kù má bàa padà sínú yàrá, kí ó gba ẹ̀yìn ògiri jáde. Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀yìn ògiri gbọ́dọ̀ lè mí. Bí ẹ bá lẹ táìlì mọ́ ìta, tàbí ẹ fi gílọ́ọ̀sì kun ún, tí omi ilẹ̀ sì ṣì ń wọlé, omi á kàn gùn sókè ni. Ẹ ti rí ilé tí wọ́n lẹ táìlì mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri rẹ̀ dé ìbàdí, tí ọ̀dà sì ń bó lókè táìlì, níbi tí kò ti bó rí. Omi ló wá ibòmíràn gbà.

A fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 2 sílẹ̀ láàárín pílásítà àti ilẹ̀, kí pílásítà má bàa mu omi nígbà tí wọ́n bá ń nulẹ̀. Sikẹ́tìn ló bo àlàfo náà. A wọ́n omi sí pílásítà láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 7 kó má bàa sán. A wá jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, a tún lẹ ọ̀rá mọ́ ọn. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yìn ọ̀rá gbẹ.

Pẹ́ńtà tó wá fẹ́ fi sikirídì pìòòpì bò ó kó lè jọ̀lọ̀. Mo kọ̀ fún mítà kan àkọ́kọ́. Pìòòpì máa ń rọ̀ bí omi bá kàn án, ìsàlẹ̀ ògiri tó ti ní irú ìtàn yìí kò yẹ kí ó ní i rárá. Sáńpépà ni a fi yọ́ ojú pílásítà. Lẹ́yìn náà, a fi ọ̀dà àkọ́kùn tí sìmẹ́ǹtì kì í jẹ kun ún lẹ́ẹ̀kan, kí a tó fi ọ̀dà olómi tí kì í dán kun ún lẹ́ẹ̀mejì. A fi wákàtí mélòó kan sáàárín wọn, bí páálí ọ̀dà ṣe wí.

Ní ọyẹ́ tó tẹ̀lé e, mo padà lọ wò ó. Iyọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan yọ lókè sikẹ́tìn ní igun kan, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ojú ọ̀dà ló sì dúró sí. Màmá ti fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a kí n tó dé. Ọ̀dà kò wú, kò bó.

Fún ẹni tó ń kọ́ ilé lọ́wọ́

Ohun tó máa ná yín lówó jù lọ́la, kékeré ni lónìí. Kí wọ́n tó da jámánì-fulọ́ọ̀, ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú tó nípọn, èyí tí wọ́n ń pè ní géèjì 1000, sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti gún. Ẹ jẹ́ kí etí ọ̀kan gun èkejì ní 30 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ dúró tì wọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ṣọ́bìrì lu ú. Ẹ gbé jámánì-fulọ́ọ̀ ga dáadáa, kí ẹ ro ti ọjọ́ tí ẹ máa to ìńtálọ́ọ̀kì mọ́ ọn, àti ti títì tí ìjọba lè gbé sókè lọ́la. Kí ẹ tó da yanrìn síta nígbàkígbà lẹ́yìn náà, ẹ fi hósì wọn ọ́n.

Ìkejì ni àkókò. Pílásítà tuntun ní omi nínú, ó sì ń jó bí omi eérú. Ẹ̀yin tí ìyá yín ń se ọṣẹ dúdú mọ̀ pé omi eérú àti òróró ló ń di ọṣẹ. Bí ẹ bá fi ọ̀dà gílọ́ọ̀sì, tó ní òróró nínú, kun sìmẹ́ǹtì tí kò tíì gbó, ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀: òróró inú ọ̀dà á di ọṣẹ lójú ògiri. Ọ̀dà á rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, á sì ṣí kúrò. Ọ̀dà olómi fara dà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ òun náà á bó bí omi bá ṣì pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fún pílásítà ní ọjọ́ 28 ó kéré tán nígbà ẹ̀rùn. Bó bá jẹ́ àsìkò òjò, ẹ má ka ọjọ́ rárá, ọ̀rá tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ni kí ẹ gbà gbọ́.

Iyọ̀ díẹ̀ máa ń yọ lára ilé tuntun ní ẹ̀rùn àkọ́kọ́, èyí tó wà nínú sìmẹ́ǹtì ni. Ẹ má jáyà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a, kí ẹ ṣọ́ ọ. Bó bá ń dín kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń tán lọ nìyẹn, ẹ lè kun ún nígbà tó bá dúró. Bó bá ń pọ̀ sí i, tàbí tó ń gun òkè, omi wà níbìkan. Ẹ padà sí ìpele kejì, pẹ̀lú ọ̀rá, téèpù àti hósì, kí ẹ tó ra ọ̀dà.